Ohun Tí Wọ́n Kọ́ Àbúrò Mi Láti Sọ Nípa Ẹ̀pà

Inú ṣì ń bí mi. Mo ti dàgbà, eyín mi ti ń ká lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ mi sì ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kò yẹ kó tún máa gbé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sókè. Mo ní ẹni tó bá lè gbàgbé kó gbàgbé. Èmi ò lè gbàgbé, n kò sì tọrọ pé kí n gbàgbé.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, kì í jẹ ẹ̀pà. Ẹ má gbọ́ ọ bí ẹni tí kò fẹ́ràn ẹ̀pà. Àwọn kan wà tí kò fẹ́ràn ilá, àwọn kan wà tí kò fẹ́ràn ẹja, bí ebi bá sì pa wọ́n dáadáa wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á tún pọ́n ọwọ́ lá. Ti àbúrò mi kọ́ nìyẹn. Ìlọrin ló dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá ìyá wa. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, aládùúgbò kan fi kúlíkúlí sí i lọ́wọ́ kí ó má baà sunkún. Kò tíì jẹ ẹ́ tán tí ètè rẹ̀ fi wú, tí ara rẹ̀ súyọ káàkiri, tí ó ń mí bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ dí i ní ọ̀nà ọ̀fun. Ọlọ́run ló ní kó máa wà. Láti ọjọ́ náà ni ìyá àgbà ti ní kí ẹ̀pà kankan má wọ ilé òun mọ́, ì báà ṣe sísè, ì báà ṣe yíyan, ì báà ṣe òróró rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Bí ọmọ náà bá lọ sí ilé ẹnikẹ́ni, ilé náà á ti mọ ohun tí wọ́n máa gbé kúrò lójú ọ̀nà. Bó ṣe di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nìyẹn láìní láti sọ fún ẹnikẹ́ni rárá pé ẹ̀pà kì í bá òun lára mu.

Nígbà tí ìyá àgbà fi ayé sílẹ̀, wọ́n fi àbúrò mi ránṣẹ́ sí mi ní Tamale, ní àríwá ilẹ̀ Gánà.

Tamale ni wọ́n bí mi sí. Bàbá wa ti kú nígbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ni olórí ilé wa. Àáfà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú láàárọ̀, ó ń ta fìlà àti aṣọ lọ́sàn-án, ó gbọ́ Haúsá àti Dagbani, èdè àwọn Dagomba tó ni ìlú náà, bí ẹni tó gbọ́ ọ láti inú oyún. A ń pè é ní Bàbá, a sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Èmi ń ta òwú, abẹ́rẹ́, dígí, ìlẹ̀kẹ̀ àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ń bá ọjà kiri, nítorí ọjà àwọn Dagomba máa ń yí po, ọjọ́ kẹfà-kẹfà ni wọ́n ń ná an. Lónìí Tamale, lọ́la ibòmíràn. Mo rò pé àbúrò mi á máa bá mi gbé ẹrù, yóò kọ́ òwò, yóò sì gbọ́ èdè.

Ṣùgbọ́n Tamale ni ìlú ẹ̀pà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ túwò, ẹ̀pà. Òróró tí wọ́n fi ń dín kóse, àkàrà wọn, ẹ̀pà ni lọ́jọ́ tí wọn kò bá rí òrí. Ẹran yíyan tí àwọn Haúsá ń tà, wọ́n á gún kúlíkúlí sí ata, wọ́n á wọ́n ọn lé e lórí. Ẹni tó ń gún ẹ̀pà láàárọ̀, odó kan náà ló fi ń gún ata lọ́sàn-án, ṣíbí kan náà ló sì fi ń ro ọbẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọdé ń jẹ ẹ́ ní títì, wọ́n ń fi ọwọ́ rẹ̀ kan ohun gbogbo. Ní Ìlọrin àbúrò mi kò nílò ẹnu. Ní Tamale ẹnu nìkan ló lè gbà á là, kò sì gbọ́ èdè kankan níbẹ̀ àyàfi tiwa.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá lẹ́yìn ìrun alásárì. Mo ní kó kọ́ ọmọ náà ní ohun tí yóò máa sọ fún olóúnjẹ nígbà tí a bá wà lẹ́nu ìrìn àjò. Ó mú un jókòó sórí ẹní, ó kọ́kọ́ ní kó gbàgbé ìbẹ̀rù, ó ní ọ̀nà tó dára láti fi ọ̀rọ̀ báyìí tọ ènìyàn wà. Ó kọ́ ọ ní Haúsá: *Bana son gyaɗa sosai.* Ó kọ́ ọ ní Dagbani: *N bi bọri sima.* Gyaɗa ni ẹ̀pà lédè Haúsá, sima ni lédè Dagbani. Ohun tí gbólóhùn kìíní ń sọ ni pé ẹ̀pà kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí. Ohun tí èkejì ń sọ ni pé n kò fẹ́ ẹ̀pà. Àbúrò mi ń tún un sọ, Bàbá ń tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára, ó ní ọmọlúàbí ni ẹni tó bá fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ oúnjẹ.

Lẹ́yìn náà ni ó lọ bá akọ̀wé kan tó máa ń kọ lẹ́tà fún àwọn ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó ní kó kọ ọ̀kan ní èdè òyìnbó sílẹ̀ nítorí ilé ìwòsàn, àti nítorí pé ó lè ṣẹlẹ̀ pé a máa wọ ibi tí àwọn ará etíkun ti ń se oúnjẹ. Akọ̀wé náà kọ ọ́ dáadáa, lẹ́tà rẹ̀ dúdú, ó sì gún régé. Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n sì ní kí àbúrò mi dì í sínú ìborùn.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo gbọ́ Haúsá bí mo ṣe gbọ́ Yorùbá. Mo jókòó níbẹ̀. Mo gbọ́ *Bana son gyaɗa sosai*. Mo mi orí. Mo ní ó dára, Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ti fẹ́ fi èyí pamọ́ títí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, nítorí bí mo bá ń bínú sí gbogbo ayé, ibẹ̀ ni ìbínú náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wù mí kí n sọ pé nítorí pé mo bẹ̀rù Bàbá ni. Irọ́ ni. Nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni. Tí ejò bá wọ ilé lálẹ́, okùn ilẹ̀ la máa pè é. Bí ṣànpọ̀nná bá bọ́ sí ìlú, ilẹ̀ẹ́gbóná la máa pè é, ohùn wa á sì rẹlẹ̀. Ta ni a rí nínú wa tó máa dúró ní gbangba ọjà kó sọ pé oúnjẹ yìí á pa ọmọ mi? Ẹni tó bá sọ ọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ á ní kó tutọ́ dànù, kó pa ọwọ́ dé ẹnu. Ohun tí Bàbá ṣe, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ẹ̀mí ọmọ ṣeré. Ó fi ọ̀rọ̀ náà wé aṣọ kí ó tó fà á lé ọmọ lọ́wọ́. Haúsá kì í tú aṣọ náà. Dagbani kì í tú u. Ohun tí o bá fi fún wọn ni wọ́n máa gbà.

A fẹ́ lọ sí ọjà ìlú Yendi lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Lórí ilẹ̀ pupa ibùdókọ̀, ọkọ̀ tó yẹ kó ti lọ láti àárọ̀ kò tíì kún. Mo lọ ń wá ibi tí wọ́n á gbé ẹrù wa sí kí òjò má baà bà á jẹ́, mo sì ní kí àbúrò mi máa ra oúnjẹ, nítorí pé kò tíì jẹun. Obìnrin Dagomba kan wà níbẹ̀ tó ń ta túwò, ará abúlé Kanvili ni, ó ti ń ta oúnjẹ níbẹ̀ tipẹ́. Ó ní ìkòkò ọbẹ̀ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọbẹ̀ ẹ̀pà tó ki, èkejì jẹ́ ilá.

Àbúrò mi ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó fi orúnkún kanlẹ̀ díẹ̀, ó ní *Bana son gyaɗa sosai*, ó tún ní *N bi bọri sima*, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí Bàbá ṣe kọ́ ọ. Obìnrin náà gbọ́ ọ dáadáa. Ó dé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀pà. Ó bu ilá fún un. Ilá tí gbogbo ènìyàn ń sè nílẹ̀ yìí, ẹ̀pà gígún díẹ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀, ìwọ̀nba ṣíbí kan, kó lè dì. Fún ẹni tí ẹ̀pà kò fi bẹ́ẹ̀ wù, ọbẹ̀ tó yẹ nìyẹn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé, ó ń họ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní ẹnu òun ń yún òun. Mo wo ètè rẹ̀, mo rí i pé ó ti tó ìlọ́po méjì. Mo wo abọ́ tó wà níwájú rẹ̀, mo sì gbóòórùn ohun tó wà nínú rẹ̀. Àárín ìgbà yẹn sí ìgbà tí a dé ilé ìwòsàn, n kò lè tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Mo mọ̀ pé awakọ̀ tó fẹ́ gbé wa lọ sí Yendi yí ọkọ̀ rẹ̀ padà láìbéèrè ohunkóhun, mo sì mọ̀ pé àbúrò mi wà lórí ẹsẹ̀ mi, ó ń gbìyànjú láti fa èémí, ohùn tí èémí náà ń gbé jáde kò dára rárá.

Ọkùnrin kan láti etíkun ló wà nílé ìwòsàn náà, òun ló ń fún àwọn ènìyàn lóògùn, kò sì gbọ́ Haúsá tó nǹkan. Mo ń fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe, mo ń tọ́ka sí ọ̀fun. Ó bi mí bóyá ejò ló bù ú jẹ. Ó bi mí bóyá ibà ni. Mo rántí ìwé. Mo tú ìborùn rẹ̀, mo nà án sí i. Ó kà á, ó tún un kà, ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣeré lórí òkú.

Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ kò jẹ́ ohunkóhun. Ó kà á sí mi létí, mo sì gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀: *This girl does not care much for groundnut.* Ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì yíjú sí ibi tí ó ti ń wá oògùn ibà.

Ilé ayé yìí ni mo ti rí ìbínú, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó dà bí ti ọjọ́ náà rí. Òyìnbó mi kò ju ti ará ọjà lọ. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo fi ìka kan àyà àbúrò mi, mo sì sọ ọ́.

"Groundnut kill am. She chop groundnut. She go die."

Ó fi oògùn ibà sílẹ̀. Ó sáré. Ó pe ẹlòmíràn, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ jáde, wọ́n gún un ní itan, wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè. Mo dúró níbẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, èémí náà bẹ̀rẹ̀ sí padà, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìnira. Wọ́n dá wa dúró níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, nítorí wọ́n ní nǹkan náà lè padà wá.

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni mo sọ, lédè tí n kò gbọ́ tán. Òun ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Mo jókòó ti àbúrò mi, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo sì ń bi ara mi ohun tó dé tí n kò fi sọ ọ́ nígbà tí mo wà lórí ẹní Bàbá.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ lọ bá jà ni olóúnjẹ. Mo mọ̀ pé kò dára, ṣùgbọ́n ìbínú kì í wo ilé kó tó wọ̀ ọ́. Mo dúró síwájú ìkòkò rẹ̀, mo bá a sọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ síhìn-ín. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó da ṣíbí sílẹ̀, ó sì dá mi lóhùn ní Haúsá, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Ó ní kò wù ú. Ọmọ tèmi náà, ilá kì í wù ú, mo máa ń fi díẹ̀ sí i. Bó bá ti sọ fún mi pé á pa á, màá ti sọ fún un pé kó lọ jẹun níbòmíràn. N kò ní ìkòkò kankan tí ẹ̀pà kò kàn rí."

Mo wo ṣíbí rẹ̀, ìkòkò rẹ̀, omi tó fi ń ṣan ọwọ́, mo sì rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Ó fún mi ní àga. Mo jókòó. Mo sunkún bí ọmọdé lójú àwọn awakọ̀. Obìnrin tí mo wá bá jà ló nu ojú mi.

Nígbà tí mo dé ilé, mo wọlé tọ Bàbá, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, ohun tí n kò ṣe rí láyé mi. Mo tú ìwé akọ̀wé náà, mo fi í sórí ẹní. Mo bi í bóyá ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀, òun ni òun sọ fún akọ̀wé ohun tó máa kọ. Ó wá sọ òwe tí gbogbo ilé wa mọ̀, pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ó ní, "Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú sórí ọmọ àbúrò mi? Èmi?"

Mo ní, "Ikú ti wá, Bàbá. Ẹ kò pè é, ó sì wá. Olóúnjẹ náà ni ẹ kò jẹ́ kó mọ̀."

Ìyálé ilé, ìyàwó rẹ̀ àgbà, ní ẹnu mi ti mú jù, ó ní kí n wo ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo wò ó. Mo rí àgbàlagbà tó fẹ́ràn ọmọ náà dé ibi tí kò lè gbà á là. Ìyẹn kò dín ìbínú mi kù rárá, ó tún dá kún un ni. Bó bá jẹ́ pé ó kórìíra rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti rọrùn fún mi.

Ọjọ́ kẹta ni mo mú àbúrò mi padà lọ bá obìnrin Kanvili. Ara rẹ̀ kò tíì le dáadáa, ó ń bẹ̀rù ibùdókọ̀ náà. Ìyá yìí sọ fún wa pé bó bá dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, kó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò fẹ́. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ̀pà ń ṣe fún un. *N yi di sima, n ni kpi*: bí mo bá jẹ ẹ̀pà, màá kú. Lédè Haúsá, *Idan na ci gyaɗa, zan mutu*. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó tó béèrè ohun tó wà nínú ọbẹ̀. Kó má bi olóúnjẹ pé ṣé kò sí ẹ̀pà níbẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ tajà á ní kò sí láti fi tù ú lára. Kó ní kó dárúkọ ohun tó fi sè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó bi í nípa òróró tó fi dín in, nípa kúlíkúlí, àti nípa ṣíbí. Bí ó bá ní ẹ̀pà wà nínú ọ̀kan, kó máa lọ, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu èkejì fún un pẹ̀lú ṣíbí kan náà. Bó bá rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dá a lójú, kó lọ jẹ ẹyin sísè tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó, tàbí iṣu sísun.

Mo bá akọ̀wé jà pẹ̀lú, ní ìwọ̀nba, nítorí kò mọ̀. Mo ní kó ya ìwé àtijọ́ náà lójú mi, kó sì kọ òmíràn. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé kí òun kọ *kill*. Mo ní kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àbúrò mi kọ́ gbólóhùn méjèèjì láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ó ń sọ ọ́ ní Gurugu, ó ń sọ ọ́ ní Jisonayili, ó ń sọ ọ́ ní Yendi nígbà tí a lọ níkẹyìn. Àwọn olóúnjẹ ń wò ó gan-an, àwọn kan fi ọwọ́ lé àyà, àwọn kan ń pe àwọn aládùúgbò wọn kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin Yorùbá yìí ń sọ. Kò sí ẹni tó fi ṣe ẹlẹ́yà. Obìnrin kan ní Yendi fọ ṣíbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójú wa, ó sì tún ní kó máa lọ, òun kò lè fi ọkàn sí i. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nílé wa, lédè wa, kò lè sọ ọ́. Bí àlejò bá dé, bí àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wà ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, bá gbé abọ́ wá, á tẹ orí ba, á ní òun ti yó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ikú á ní òun ti yó! Wọ́n á sì máa rọ̀ ọ́, nítorí ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá ní òun ti yó, ìwà ló ń hù, ó yẹ kí a tún rọ̀ ọ́. Mo fà á sí ẹ̀yìn ilé, mo ní kó sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá kí n gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu mi kò gbà á." Mo ní ẹnu tó sọ ọ́ ní Dagbani, ṣé ẹnu mìíràn ni? Ó ní bí òun bá sọ ọ́ ní Dagbani, kò dà bí ẹni pé òun lòun ń sọ ọ́. Bí òun bá sọ ọ́ ní Yorùbá, bí ẹni pé ìyá àgbà ń gbọ́ ni.

Mo mọ ohun tó ń sọ. Inú bí mi sí i síbẹ̀. Mo sọ fún un pé ìyá àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ẹ̀pà jáde kúrò nílé, kì í ṣe ẹni tó máa bínú nítorí ọ̀rọ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Bàbá ní kí gbogbo wa jẹun pọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ fi tún àárín wa ṣe, nítorí pé kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ tí mo fi bàtà wọlé. Ìyálé rẹ̀ se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹran. Ó yà á sọ́tọ̀ fún àbúrò mi nínú abọ́ kékeré, ó ní òun kò fi ẹ̀pà sí i rárá, òróró ẹ̀pà díẹ̀ ṣáá ni òun fi dín àlùbọ́sà, kó lè ta sánsán. Ó gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àbúrò mi wà lórí orúnkún. Ó gbà á.

Bàbá ní, "Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Díẹ̀ ni."

Ẹnu mi ti là. Mo ti fẹ́ pariwo lé gbogbo ilé lórí, kí n da abọ́ náà dànù, kí n sọ ohun tí mi ò ní lè gbà padà. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò gbé orí sókè, kò sì gbé ohùn sókè. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí mo bá jẹ ẹ́, màá kú."

Ìyálé Bàbá ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ọmọ kéwú tó wà lẹ́nu ọ̀nà yọjú wò wá. Bàbá dìde, ó gbé abọ́ náà jáde fúnra rẹ̀, a gbọ́ nígbà tó ń bu omi fọ ọwọ́ rẹ̀ níta, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó padà wọlé, ó jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ kéwú wọlé, ó pe àwọn ìyàwó rẹ̀ yòókù, ó ní kí wọ́n jókòó.

Ó ní kí àbúrò mi tún un sọ, kí gbogbo ilé gbọ́. Àbúrò mi tún un sọ.